Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo béèrè

"Mo fẹ́ bá àjọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fúngbà díẹ̀, bóyá wọ́n á gbà mí síṣẹ́ tó bá yá. Kí ni kí n kọ sí lẹ́tà?"

Wọ́n ti gbà mí o. Nínú ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ti ń gba èèyàn síṣẹ́ ni mo tẹ̀lé. N kò kọ ọ́ pé mo lè ṣe ohunkóhun. Iṣẹ́ kan ni mo dárúkọ: kí n da orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú ìwé ńlá wọn sórí kọ̀ǹpútà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6. Mo kọ ọjọ́ tí màá parí sí i.

Ẹni tó ní kí n má mẹ́nu ba iṣẹ́ gidi rárá, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, kò yẹ kó dà bí àdéhùn. Ṣùgbọ́n tí n kò bá sọ ọ́, ta ló máa mọ̀? Mo fi gbólóhùn kan sísàlẹ̀: "Bí àyè bá ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi."

Màmá tó rò pé ìsìnlú ni, ẹ má bínú, mo ti sìnlú tán.

Wọ́n á san owó ọkọ̀ mi láti Tákíe. Ní ti iṣẹ́ gidi, ọ̀gá ibẹ̀ là á mọ́lẹ̀: àfi tí owó iṣẹ́ àkànṣe tuntun bá wọlé. Kò tíì wọlé.