Fítámì D màmá mi pé, kí ló dé tí kálísíọ́mù wọn fi lọ sílẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kíndìnrín, ẹ gbà mí. Kíndìnrín màmá mi ti ń ṣàárẹ̀ láti ọdún 3. Àyẹ̀wò ní fítámì D wọn pé, síbẹ̀ kálísíọ́mù wọn kéré, ìka ọwọ́ wọn sì ń ṣe bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Mo mọ̀ pé oòrùn ló ń mú kí awọ ara ṣe fítámì yìí, ẹ̀dọ̀ á tún un ṣe, kíndìnrín á wá parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ìfun tó lè fa kálísíọ́mù inú oúnjẹ dáadáa. Ṣé ti ẹ̀dọ̀ nìkan ni àyẹ̀wò náà ń kà ni? Oògùn kálísítíríọ́ọ̀lù ni dókítà kọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù! Fítámì D lásán ni mo rà. Ṣé ó lè rọ́pò kálísítíríọ́ọ̀lù náà?