Íápíìsì tuntun yọ lójú fóònù àbúrò mi, kò yọ lójú tèmi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo ra íápíìsì aláìlówáyà tí wọ́n kọ Fast Pair sára páálí rẹ̀. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ ṣí i. Àwòrán rẹ̀ yọ lójú fóònù rẹ̀, ó tẹ Connect, ó parí. Lórí tèmi, kò sí nǹkan tó yọ. Áńdíróìdì ni àwa méjèèjì ń lò. Ṣé kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀, àbí irú wo ni kí n rà?

Káyọ̀dé: Dátà ni. Tan dátà, á yọ. Àwòrán yẹn kò sí nínú íápíìsì, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ti ń mú un.

Bàbá Fóònù: Òótọ́ ni ti dátà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun ló fà á. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ má tíì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí íápíìsì bá ń wá fóònù tuntun, ó máa ń fi nọ́ńbà irú rẹ̀ kéde ara rẹ̀. Fóònù tó wà nítòsí á gbọ́ nọ́ńbà náà, á bi Google, Google á fi orúkọ àti àwòrán ránṣẹ́. Àmọ́ íápíìsì yín ti mọ fóònù àbúrò yín báyìí. Bí ẹ bá ṣe ń ṣí àpótí rẹ̀, ibẹ̀ ló ń sáré lọ, kò kéde bíi tàkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ pa Búlútúùtù fóònù àbúrò yín. Ẹ fi íápíìsì méjèèjì sínú àpótí, ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná á fi máa ṣẹ́jú. Ti àwọn mìíràn, ara íápíìsì ni wọ́n ń tẹ̀. Ìwé inú páálí á sọ. Ẹ gbé e sún mọ́ fóònù yín, kí ojú fóònù wà ní títàn. Bí Áńdíróìdì yín bá jẹ́ 11 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ tan Location.

Ìyá Ire: Ti AirPods ọmọ mi máa ń yọ lójú áífóònù rẹ̀, èmi fi Samsung gbìyànjú rẹ̀, kò yọ. Ṣé èmi náà máa pa Búlútúùtù ni?

Bàbá Fóònù: Mà, tiyín yàtọ̀. Àwòrán AirPods, ẹ̀rọ Apple nìkan ló ń yọ lójú rẹ̀. Bí ó bá ní bọ́tìnnì lẹ́yìn àpótí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná funfun á fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ wá a nínú Bluetooth lórí Samsung yín. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún orin àti ìpè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo pa ti àbúrò mi, iná ń ṣẹ́jú, dátà wà, síbẹ̀ àwòrán ò yọ. Ṣùgbọ́n mo rí orúkọ rẹ̀ nínú Pair new device, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin báyìí.

Bàbá Fóònù: Ohùn kan náà ni, kò sí ohun tí ẹ pàdánù níbẹ̀. Ẹ wọ Settings, Google, kí ẹ wá Devices. Ṣé Scan for nearby devices wà ní títàn? Áńdíróìdì mélòó sì ni fóònù yín?