Ìdárìjì kò wọnú ìran 5, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bùkọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ eré kékeré kan, ìran 6, ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ìran kọ̀ọ̀kan. Àṣàkẹ́ àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ta aṣọ, ìsọ̀ wọn kangun síra.

1: Àṣàkẹ́ já oníbàárà Mọ́rẹ́nikẹ́ gbà.
2: Wọ́n bú ara wọn.
3: Wọ́n kẹ̀yìn síra.
4: Òjò dé, Mọ́rẹ́nikẹ́ ò sí níbẹ̀, Àṣàkẹ́ bá a kó ọjà rẹ̀.
5: Àṣàkẹ́ bẹ̀bẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́ dárí jì í, wọ́n dì mọ́ra.
6: Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

A ka ìran 5 sókè, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 24. Bí a bá sáré kà á, ó ń dún bí àkọ́sórí. Kí ni kí n gé?

Túndé: Ọ̀rọ̀ ló pọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ ní ọ̀rọ̀ 40, á wọlé.

Bàbá Olóòtú: Túndé, 40 ṣì pọ̀. Òṣèré tó ń rìn, tó tún ń wo ojú ẹnìkejì, kò lè sọ ju bí ọ̀rọ̀ 15 sí 20 lọ kó má fi ìkánjú sọ ọ́. Àmọ́ Bùkọ́lá, nǹkan mẹ́ta lo kó sínú ìran 5: ẹ̀bẹ̀, èsì, ìdìmọ́ra. Ọ̀kan ni ìran kan lè gbé. Yọ ìran 3. Kí wọ́n kẹ̀yìn síra ní ìparí ìran 2. Òjò á wá di ìran 3.

Ìran 4: Mọ́rẹ́nikẹ́ sáré dé, tábìlì rẹ̀ ṣófo. Kámẹ́rà fi ọjà rẹ̀ hàn lábẹ́ tapólì Àṣàkẹ́, ó gbẹ. Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló rin gbingbin. Ó ní, "Oníbàárà ìjọ́sí, tìẹ ni. Mo jẹ̀bi." Gé e síbẹ̀, má jẹ́ kí Mọ́rẹ́nikẹ́ fèsì.

Ìran 5: Mọ́rẹ́nikẹ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Ó fa aṣọ gbígbẹ kan yọ nínú ọjà rẹ̀, ó jù ú lé Àṣàkẹ́ léjìká: "Nu orí ẹ."

Ìran 6: Oníbàárà béèrè aṣọ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ò ní, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì nawọ́ sí ìsọ̀ Àṣàkẹ́. Ẹ ya 4 àti 5 tẹ̀ léra, kí omi ara aṣọ wọn lè bára mu.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tí ìsọ̀ wa kangun síra já oníbàárà mi gbà rí. Lẹ́yìn náà ó ń bá mi ṣọ́ ọjà, àmọ́ kò fìgbà kan dárúkọ ohun tó ṣe. Mi ò tíì dárí jì í. Bùkọ́lá, jọ̀ọ́, má yọ "Mo jẹ̀bi" yẹn o, bó ti wù kí àyè kéré tó.

Túndé: Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ò bá sọ pé "Mo ti dárí jì ẹ́," àwọn kan á rò pé àánú òjò lásán ni.

Bàbá Olóòtú: Ìran 6 ló máa sọ ìyẹn. Kí wọ́n wọ aṣọ mìíràn níbẹ̀, kó hàn pé ọjọ́ ti gorí ọjọ́.

Bùkọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Màá ya ìran 5 lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn Túndé, ọ̀kan láìsí i. Ìyá Ìbejì, "Mo jẹ̀bi" dúró.