W inú 5W-30: wẹ́ìtì ni àbí ọyẹ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé kékeré kan fún àwọn onímọ́tò, mo dé ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn ka ara ike ọ́ìlì kó tó dà á sẹ́ńjìnnì. Kí la máa pe W inú 5W-30, kí la sì máa pe nọ́ńbà méjèèjì yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wẹ́ìtì ni W, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní "ìwọ̀n ìwúwo", ó parí. Nọ́ńbà tó bá sì ga jù ló lágbára jù.

Bàbá Mẹkáníìkì, Ìbàdàn: Àbúrò, má bínú sí mi o, kò rí bẹ́ẹ̀. Wíńtà ni W, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. 5W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe máa ṣe tí ẹ́ńjìnnì bá tutù rinrin, kódà ìgbà tó bá wà ní dígíríì 30 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n fi ń dán an wò bóyá ẹ́ńjìnnì á ṣì lè yí. 30 ẹ̀yìn ni bó ṣe ki sí nígbà tó bá gbóná dé dígíríì 100. Ṣé ẹ mọ ẹ̀kọ? Gbígbóná ń ṣàn, títutù ń dì, ìwúwo rẹ̀ ò sì yí padà. Kíki ni ọ̀rọ̀ yẹn. Pé ó ki jù ò sọ pé ó lágbára jù, tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 30 bá mu 50, ọ́ìlì náà á pẹ́ kó tó dé òkè, ẹ̀ ń gbọ́ kan-kan-kan yẹn láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan han yín. Obìnrin kan gbé Kọ̀rólà 2005 wá, ìwé mọ́tò náà ní 5W-30, API SL, ìyẹn lẹ́tà tí API, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, fi ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì wà fún, ó sì ti ra ọ́ìlì lọ́wọ́, 5W-30, àmọ́ API SP ló wà lára ike, ẹ̀rù wá ń bà á pé lẹ́tà ò bá ara mu. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. A, B, D ni wọ́n ń tẹ̀ lé, SL, SM, SN, SP, tuntun ló ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi náà gbé ike mìíràn wá, ó ní ó dínwó, 20W-50, SF. Ìyẹn, rárá! Nọ́ńbà ò bá a mu, SF sì jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì ìgbà tí kò kọjá 1988.

Ìyá Alátẹ: Ẹ kú àlàyé o bàbá. Tèmi jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń lo dísù, SN/CF ni mo rí lára ike, ṣé kí n dà á sí i? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè lẹ ń sọ o, ẹ forí jì mí.

Bàbá Mẹkáníìkì: Ìyá, S ni ti pẹtiróòlù, C ni ti dísù. Èyí tó bá ṣáájú ni wọ́n ṣe é fún ní pàtàkì, tiyín yìí ti pẹtiróòlù ló ṣáájú, CF náà sì ti di ìgbàgbé. Ẹ wo ìwé jẹnẹrétọ̀ náà, tó bá ní CI-4, ẹ wá CI-4 tàbí CK-4.

Akéwì Ọ̀yọ́: Mo dábàá ọyẹ́ fún W. "Ìki ọyẹ́" àti "ìki oru". Ẹ ò rí i pé ó dùn!

Ará Ṣìkágò: Ó dùn létí, àmọ́ ọyẹ́ ti Ọ̀yọ́ kọ́ ló ń mú kí mọ́tò mi kọ̀ láti dìde ní Jánúárì, yìnyín ni. Ọyẹ́ ló ń gbẹ ètè, kì í fi ọ́ìlì ṣe ẹ̀kọ. "Ìki òtútù" ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa, torí ẹni tí kò fi í máa kà á sí ìkí, bíi "ẹ kú iṣẹ́".

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó dáa, mo gbà lórí W. Àmọ́ lára ike míì wọ́n kọ ọ́ pé ó "bá API SP mu", ṣé ìyẹn ò tó ni?

Bàbá Mẹkáníìkì: Ẹnu ọlọ́jà lásán lè sọ ìyẹn. Ẹ wo àmì roboto bíi dóónọ́ọ̀tì ní ẹ̀yìn ike, API SP lókè, SAE 5W-30 láàárín. Àwọn tó gbàṣẹ lọ́wọ́ API nìkan ló yẹ kó lò ó. Àwọn kan ń yà á lásán o, ẹ wá orúkọ ọ́ìlì náà nínú àkójọ API fúnra wọn.

Akéwì Ọ̀yọ́: "Bá a mu" àti "gbàṣẹ", ìyàtọ̀ tó dáa nìyẹn. Àmọ́ mi ò tíì jáwọ́ lórí ọyẹ́ o.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. "Ìki" ni mo kọ, "ìki òtútù" níwájú, "ìki oru" lẹ́yìn, mo fi W sílẹ̀ bó ṣe wà torí òun ni wọ́n máa rí lára ike. SP àti SL ni mi ò tíì rí orúkọ fún, "ipele" ni mo kọ́kọ́ kọ, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.