Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi orúkọ mi tà: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Àbẹ̀kẹ́ (Pẹ́kámù)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti rí fákítírì kan ní Ṣáínà lórí Alibaba tó ń ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì sátíìnì tá a fi ń sùn, olójú méjì. Wọ́n ní tí mo bá ti gbé 300, àwọn á bá mi fi orúkọ mi sí i, àwọn á sì fún mi ní páálí tó ti ní dísáìnì lára lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi àwòrán aṣọ tó lé ní ogójì ránṣẹ́ pé kí n mú èyí tó bá wù mí, mo sì ti rí ọ̀kan, ewé góòlù lórí dúdú, ó rẹwà gan-an ni. Orúkọ tí mo fẹ́ lò ni Sílíkì Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni mo gbọ́dọ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́?

Gbénga (Lútìnì)
Sísítà, má da ara ẹ láàmú. Gbogbo wọn ló ń ta nǹkan kan náà. Ṣáà ní kí wọ́n yí àwòrán yẹn padà díẹ̀, tó bá ti yàtọ̀ ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ó ti di tìẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè mú ẹ.

Ìyá Dàrà (Líìdì)
Bọ̀dá Gbénga, ẹ má bínú o, ìdá 30 yẹn ò sí nínú òfin kankan níbí ní UK, a kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara wa ni. Ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá ohun tó jẹ́ ojúlówó nínú iṣẹ́ ẹlòmíì ló wà nínú tìẹ, kódà kó jẹ́ ewé kan ṣoṣo. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ òótọ́ ni pé bọ́nẹ́ẹ̀tì lásán, bó ṣe rí roboto tó ní rọ́bà létí, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun lòun ni ín. Àwòrán orí aṣọ àti ti páálí lọ̀rọ̀ wà.

Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ. Àpò ìrọ̀rí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 400, fákítírì fún mi ní páálí olódòdó lọ́fẹ̀ẹ́ bíi tìẹ yìí. Oṣù méjì ni mo fi tà, ni ìkànnì tí mo ti ń tà á bá gbé ọjà mi kúrò, torí obìnrin kan ti kọ̀wé sí wọn pé òun lòun ya òdòdó yẹn, ó sì ní fáìlì tó fi yà á pẹ̀lú déètì lára. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, mò ń yọ àpò ìrọ̀rí jáde nínú páálí 260 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹsẹ̀ tẹ páálí yẹn pẹrẹsẹ kí n lè rí i kó dà nù. Fákítírì ní kò kan àwọn. Ó sì dun mí fún obìnrin yẹn náà, torí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni.

Nítorí náà, gé ewé yẹn nìkan jáde nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó o gbé e sí Google Lens, kó o wo ibi tó ti jáde. Lẹ́yìn náà kó o bi fákítírì pé ta ló yà á, ṣé wọ́n lè fún ẹ ní fáìlì àtìbẹ̀rẹ̀ àti ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pé o láṣẹ láti lò ó. Tí wọ́n bá ní gbogbo kọ́sítọ́mà ló ń lò ó, kódà kí ó má jẹ́ pé wọ́n jí i, aládùúgbò ẹ á máa ta nǹkan kan náà.

Sílíkì tó o fi sórúkọ yẹn náà ní wàhálà. Bí wọ́n ṣe hun aṣọ ló ń jẹ́ sátíìnì, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi hun ún. Sílíkì ní tiẹ̀, ara kòkòrò ló ti ń wá bíi sányán tiwa. Tú fọ́nrán òwú kan lára sáńpù ẹ, fi nǹkan dì í mú lórí síńkì, kó o ṣáná sí i. Sílíkì á rùn bí irun tó jóná, eérú ẹ̀ á sì rún tó o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tó bá yọ́, tó wá gan bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré, pọliẹ́sítà ni. Ní UK, dandan ni kí lébẹ́ẹ̀lì sọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ, o ò sì lè pe pọliẹ́sítà ní sílíkì.

Túndé (Húsítìn)
Ẹ ṣeun o. Ọṣẹ dúdú lèmi ń tà ní tèmi, mo fẹ́ máa fi ránṣẹ́ sí UK, ṣé kí n kàn lẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ ọn?

Ìyá Dàrà (Líìdì)
Túndé, nǹkan ìpara àti ọṣẹ ìwẹ̀ lófin tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n á béèrè ìwé àyẹ̀wò ààbò àti ẹni tó dúró fún ọjà náà níbí. Má fi wé bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Dá ìbéèrè yẹn béèrè lọ́tọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Pẹ́kámù)
Mo ti dáná sí i o. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ni. Mo tún gbé ewé yẹn sí Lens, àwọn mẹ́ta ló jáde, ọ̀kan ń tà á fún ìborùn ní Jámánì. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo wá ń rò ó pé kí n ya fọ́tò ankara màmá mi, kí wọ́n tẹ òun sórí aṣọ, tiwa-n-tiwa ṣáà ni.

Ìyá Dàrà (Líìdì)
Yẹ etí aṣọ yẹn wò ná. Tó o bá rí Vlisco níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ankara ni, Hẹ́límọ́ndì ní ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà, láti 1846, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ dísáìnì wọn ṣeré. Kó o ra aṣọ wọn kó o fi rán nǹkan yàtọ̀ sí kó o ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi tẹ ọ̀kẹ́ àìmọye.

Ṣọlá (Báàmú)
Lógò àti páálí niṣẹ́ mi. Sísítà, kọ́kọ́ gba àwòrán ilà páálí lọ́wọ́ fákítírì, èyí tó ń fi ibi tí wọ́n máa gé àti ibi tí wọ́n máa ká hàn, kó o tó ní kí ẹnikẹ́ni ya nǹkan kan. Jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá ojú ilà gígé ní mílímítà 3, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí funfun á yọ tí ọ̀bẹ bá yẹ̀. CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń lò, ni kí fáìlì wà. Góòlù tó ń dán lójú fóònù á di àwọ̀ múṣítádì lórí páálí, àfi tí wọ́n bá lẹ ìwé góòlù mọ́ ọn, owó ìyẹn sì yàtọ̀. Ní kí wọ́n tẹ páálí kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, kó o fọwọ́ ara ẹ kàn án kí wọ́n tó tẹ 300. Ẹni tó bá sì ya lógò fún ẹ, gba ìwé tó fọwọ́ sí pé ó ti gbé e fún ẹ pátápátá. Owó tó o san nìkan ò sọ ọ́ di tìẹ níbí.

Gbénga (Lútìnì)
Mo gbà pé irọ́ ni ti ìdá 30 yẹn. Ṣùgbọ́n tréèdì máàkì, ó yẹ kó dúró kí ọjà kọ́kọ́ tà ná.

Ìyá Dàrà (Líìdì)
Èmi ò gbà. Ó kéré tán, kó wá orúkọ náà lórí gov.uk kó tó tẹ páálí, ní kíláàsì 25 fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti 24 tó bá máa ta àpò ìrọ̀rí. Tó bá lọ forúkọ náà sílẹ̀ tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, wọn ò ní dá owó ẹ̀ padà. Ní Ṣáínà, ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà fún.

Gbénga (Lútìnì)
Fún 300 péré? Owó yẹn ti pọ̀ jù.

Àbẹ̀kẹ́ (Pẹ́kámù)
Mi ò sanwó mọ́ ní Jímọ̀. Mo ti sọ fún fákítírì pé kí wọ́n fi dúdú lásán ránṣẹ́, kí lébẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ "100% Polyester". Mo fẹ́ kí aládìrẹ kan ya àwòrán tuntun tó jẹ́ tèmi, kì í ṣe èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀. Ta ló mọ ẹni tó ń fi ìyẹ́ yà á ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, tó máa gbà láti fọwọ́ sí ìwé?