Ta ni ibà tí ó ti ara eku tàbí àdán wá ti ṣe rí?

Olóòtú: Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ó ti ṣe. Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ara ẹranko ni ó ti wá?

Adéṣínà: Ibà Lásà ṣe mí. N kò jẹ eku rí láyé mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ̀ sí yàrá tí a ń kó ọkà sí, èmi ni mo sì gbá eruku ibẹ̀. Wọ́n ń fún mi ní oògùn ibà ẹ̀fọn, ara gbígbóná kò lọ, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, ojú mi sì wú. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde lára mi, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura títí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ìgbà tí ara mi ń yá gan-an ni etí òsì mi di.

Ìyá Ìbejì: Etí kẹ̀? Oògùn tí wọ́n fún yín ni ó fà á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá o, mà. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí ó bá yè, kódà bí àìsàn náà kò bá le. Etí àwọn mìíràn a máa là díẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń retí kì í sábà jáde.

Adéṣínà: Tèmi kò tíì là.

Ọmọ Ọlọ́dẹ: Kí a pa gbogbo eku àti àdán run, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Wọ́n dán an wò ní ibi ìwakùsà Kítákà, ní Ùgáńdà. Ní 2007, àwọn awakùsà kó ibà Mábọ́ọ̀gì lára àwọn àdán inú ihò náà, ni wọ́n bá pa àwọn àdán ọ̀hún run. Nígbà tí ó fi máa di 2012, àwọn àdán mìíràn ti padà síbẹ̀. Àwọn tí fáírọ́ọ̀sì wà lára wọn, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 5 nínú 100 tẹ́lẹ̀, ti di 13, àrùn náà sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní àgbègbè náà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn àdán tuntun tí ara wọn kò tíì mọ àrùn náà ni wọ́n kún ihò.

Àdùkẹ́: Àdán wà ní àjà ilé wa láti kékeré mi, kò sí ẹni tí ó ṣàìsàn. Ẹ má dẹ́rù bà wá.

Ọmọ Ọlọ́dẹ: Àdán ńlá tí ń jẹ èso, tí ń gbé inú ihò àpáta, ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe kékeré tí ń jẹ kòkòrò.

Ìyá Ìbejì: Ṣé eku ilé kò ní ṣe bíi ti Kítákà bí a bá pa á?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ti oko á kàn wọlé rọ́pò wọn ni, mà. Ọkà ni kí ẹ dé pa sínú ike olómọrí, kí ẹ sì fi omi rin ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a.

Ìyá Ìbejì: Eku ilé wa ń jẹ ike o.