Oko adìẹ wà l'Ọ̀bá-Ilé, èmi wà ní Máńṣẹ́sítà: iṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ gbé fún ẹlòmíràn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Mo ní adìẹ 500 tó ń yé l'Ọ̀bá-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, èmi ni mo ń ka ẹyin lórí fídíò, èmi ni mo ń dá oníbàárà lóhùn, èmi náà ni mo ń sanwó oúnjẹ adìẹ. N kì í rí oorun sùn mọ́. Èwo ni kí n gbé sílẹ̀?

Bọ̀dá Ìjàpọ̀: Owó ni. Òun ló ń dààmú ẹni jù. Fi káàdì báńkì lé àbúrò rẹ lọ́wọ́.

Màmá Ọjà Ọba: Má fi owó ṣáájú, ọmọ mi. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kì í yí padà, tí àṣìṣe rẹ̀ máa hàn lọ́jọ́ kejì, lo máa kọ́kọ́ gbé fúnni. Ẹyin kíkà nìyẹn, àti dídá àwọn tó kàn ń béèrè iye kíréètì kan lóhùn. Kí ọmọ tó ń bọ́ adìẹ kà á, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó ya ojú ewé náà ránṣẹ́. Owó sísan àti iye tí ẹ ó tà á, di ìyẹn mú ná.

Tísà Kálígárì: Ilé tí mò ń kọ́ l'Oǹdó ńkọ́? Ṣé kí fọ́mánù máa ra sìmẹ́ǹtì?

Màmá Ọjà Ọba: Tìrẹ yàtọ̀, Tísà. Sìmẹ́ǹtì tó ti wọnú ògiri, o ò lè tún un kà.

Ìyá Ìbejì: Màmá, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n kọ?

Màmá Ọjà Ọba: Bí kíréètì 6 bá ṣẹ́kù lánàá, tí wọ́n kó 13 lónìí, tí wọ́n ta 15, 4 ló gbọ́dọ̀ kù. Pè wọ́n lórí fídíò láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi 4 náà hàn ọ́. Ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ti gba iṣẹ́ rẹ padà nìyẹn. Ẹyin fífọ́ ni kó o ṣọ́ jù: kí wọ́n má dà á nù títí o ó fi rí i.

Wo oúnjẹ pẹ̀lú. Adìẹ kan ń jẹ bíi gíráàmù 115 lójúmọ́, nítorí náà 500 máa jẹ àpò kílò 25 méjì àti díẹ̀. Bí iye ẹyin bá já wálẹ̀, má tètè pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Ooru, omi tó tán nínú kòtò ìmumi, tàbí àìsàn lè fà á. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ooru tàbí àìsàn ń bá jà kì í jẹun tó. Bí iye ẹyin bá já wálẹ̀, tí oúnjẹ inú ìwé ò yẹ̀, ìbéèrè wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lóko. Ta ni yóò máa tà?

Màmá Ọjà Ọba: Kì í ṣe ẹni tó ń kà. Kí alájàpá wá kó o fúnra rẹ̀, kó sanwó sí àkáǹtì rẹ kí kíréètì tó jáde.

Bọ̀dá Ìjàpọ̀: Tí òun àti ọmọ náà bá fẹnu kò ńkọ́?

Màmá Ọjà Ọba: Wọ́n lè kọ iye tó kéré sílẹ̀, fídíò ò sì ní mú ìyẹn. Kí àbúrò Ìyá Ìbejì lọ kó ẹyin ọjọ́ kan fúnra rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí ti ọjọ́ náà bá ga ju gbogbo ọjọ́ yòókù lọ, Ìyá Ìbejì ti mọ ibi tó máa wò.